Ìbéèrè mélòó ló yẹ kó wà nínú ìdánwò wákàtí kan àbọ̀?

Tíṣà Físíìsì, Mákun Ṣágámù

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ará. Ìdánwò físíìsì SS 2 tí mo ṣe ní sáà tó kọjá, wákàtí kan àbọ̀ ni. 50 ìbéèrè yan-ìdáhùn ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú tíọ́rì mẹ́rin tí wọ́n máa mú mẹ́ta nínú rẹ̀. Nígbà tí aago lù, ọ̀pọ̀ wọn ni kò tíì parí, àwọn kan ń sunkún. Báwo lẹ ṣe ń mọ iye ìṣẹ́jú tí ìbéèrè máa gbà kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ jáde, kí n lè mọ iye tí mo máa kọ?

Ọmọ Ìpẹru

Àǹtí, ẹ má dààmú ara yín. Ìbéèrè yan-ìdáhùn kan, ìṣẹ́jú kan. Ohun tí wọ́n kọ́ wa nìyẹn, òun náà ni mò ń lò. 50 ìbéèrè, 50 ìṣẹ́jú. Ó ku ogójì fún tíọ́rì mẹ́ta, ìyẹn ìṣẹ́jú mẹ́tàlá fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó wọlé géérégé. Ní tèmi o, àwọn ọmọ yẹn ni kò kàwé.

Bàbá Dámọ́lá, Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ ṣé tí ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí síta. Ọmọ mi obìnrin ń lọ ṣe JAMB. 180 ìbéèrè ni wọ́n máa dáhùn ní wákàtí méjì, mo ṣírò rẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá ogójì péré ló bọ́ sí fún ìkọ̀ọ̀kan. Mo ní kó máa fo èyí tó bá le, kó padà wá sí i tó bá yá. Ṣé bó ṣe yẹ kó ṣe é nìyẹn, ẹ̀yin tíṣà?

Màmá Ìjàgun

Bàbá Dámọ́lá, ẹ kú ìfẹ́ ọmọ o. Ìmọ̀ràn tí ẹ fún un dára, ẹ jẹ́ kó dì í mú. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń jókòó ṣe ìdánwò ni ìyẹn wà fún. Ẹni tó ń kọ ìbéèrè ni tíṣà wa ń béèrè fún.

Ọmọ Ìpẹru, ìṣẹ́jú kan tí o sọ yẹn kì í ṣe irọ́. Òun ni èmi náà fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí kí n tó fẹ̀yìn tì. Ibi tó ti máa ń dani ni pé ìbéèrè kò dọ́gba. Jẹ́ ká mú méjì nínú físíìsì. Èkínní: «Ẹ̀rọ wo la fi ń wọn ìṣàn iná?» Ọmọ tó mọ̀ ọ́n á kà á, ojú rẹ̀ á bọ́ sórí ámítà, ó ti kùn ún. Èyí tí kò mọ̀ ọ́n náà kò ní pẹ́, torí kò sí ohun tó máa ṣírò. Èkejì: «Ọkọ̀ kan bẹ̀rẹ̀ láti ìdúró, eré rẹ̀ gun òkè déédéé títí ó fi dé 20 m/s láàárín ìṣẹ́jú àáyá 8. Báwo ni ọ̀nà tó rìn ṣe gùn tó?» Ìdáhùn tí wọ́n fi síbẹ̀ ni 2.5 m, 40 m, 80 m àti 160 m. Ọmọ náà máa kà á lẹ́ẹ̀mejì. Á kọ ohun tí wọ́n fún un sílẹ̀, á wá fọ́múlà, á rántí pé ọkọ̀ kò sáré 20 láti ìbẹ̀rẹ̀, á ṣírò, á rí 80. Lẹ́yìn náà á tún rí i pé 160 náà wà níbẹ̀, ọkàn rẹ̀ ò ní balẹ̀, á tún un ṣe. Ìyẹn kò lè jẹ́ ìṣẹ́jú kan fún ọmọ SS 2 tó ń fi ọwọ́ ṣírò.

WAEC pàápàá mọ èyí. 50 ìbéèrè yan-ìdáhùn ti físíìsì, wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 15 ni wọ́n fún un, ìyẹn ìṣẹ́jú kan àbọ̀ fún ìkọ̀ọ̀kan. Ti ìṣirò tún gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ: 50 ní wákàtí kan àbọ̀. Tíọ́rì físíìsì wọn sì ní àkókò tirẹ̀ lọ́tọ̀, wákàtí kan àbọ̀ mìíràn. Tíṣà, ilé ìwé yín dín tíọ́rì kù, wọ́n dín àkókò kù, ṣùgbọ́n wọ́n gbé 50 yẹn bó ṣe wà, wọ́n sì kó gbogbo rẹ̀ sínú wákàtí kan àbọ̀ kan ṣoṣo.

Ṣùgbọ́n kí á tó dá àkókò lẹ́bi, ẹ lọ kó ìwé ìdáhùn wọn jáde. Ẹ wò ó bóyá àyè òfìfo wà láàárín tàbí ó wà ní ìparí. Ọmọ tí kò mọ nǹkan máa ń fo ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún. Èyí tí àkókò tán mọ́ lọ́wọ́ máa ń ṣe dáadáa dé ibì kan, láti ibẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ á wá funfun báláú. Ẹ tún wo àwọn tó kùn lẹ́tà kan náà láti òkè dé ìsàlẹ̀ ní ìparí. Àwọn yẹn náà ò dé ibẹ̀, wọ́n kàn gbọ́ pé ó ku ìṣẹ́jú méjì ni.

Ìyá Ìbejì, Òdè Rẹ́mọ

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fàyè gba èmi náà. Kíláàsì kẹrin ni mò ń kọ́. A kì í tẹ ìbéèrè, ojú pátákó ni mò ń kọ ọ́ sí, àwọn ọmọ á máa dà á kọ. Ogún ìbéèrè sáyẹ́ǹsì, wákàtí kan. Mo rò pé ìṣẹ́jú mẹ́ta fún ìbéèrè kan ti pọ̀ jù pàápàá. Ẹ̀yin èèyàn mi, ọmọ tó yá jù nínú wọn dé ìbéèrè kẹrìnlá. Mo bínú, mo fẹ́ nà wọ́n.

Màmá Ìjàgun

Ìyá Ìbejì, ẹ má nà wọ́n o. Ọwọ́ ni kò yá, kì í ṣe ọpọlọ. Lọ́la, ẹ mú ìbéèrè kan pẹ̀lú ìdáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀, ẹ ní kí ọmọ kan dà á kọ, kí ẹ wo aago. Ẹ tún wo iye ìgbà tó gbé orí sókè wo pátákó. Ẹ máa rí i pé dídà á kọ ló ń jẹ àkókò, dídáhùn rẹ̀ kò tó nǹkan. Ẹ ní kí wọ́n kọ nọ́ńbà àti lẹ́tà nìkan: 1 B, 2 D. Bí ọ̀gá bá fi dandan lé e pé kí wọ́n kọ gbogbo rẹ̀, a jẹ́ pé ìbéèrè yín kò gbọ́dọ̀ ju mẹ́wàá sí méjìlá lọ.

Ìyá Ìbejì, Òdè Rẹ́mọ

Ọ̀gá ní kí wọ́n kọ gbogbo rẹ̀, kí àwọn òbí lè rí nǹkan kà nínú ìwé. Ṣùgbọ́n mo máa dán nọ́ńbà àti lẹ́tà wò nígbà tí a bá ń ṣe ìdánwò àárín sáà. Ẹ ṣé, màmá.

Tíṣà Físíìsì, Mákun Ṣágámù

Ẹ ṣé gan-an, mà. Mo kó ìwé wọn jáde lánàá. Ogójì ni wọ́n. Mẹ́tàdínlógún ló fi àyè sílẹ̀ láti ibì kan títí dé 50, kò sí ohunkóhun níbẹ̀. Mẹ́sàn-án mìíràn sì kùn C, C, C láti nǹkan bíi 43 lọ. Mẹ́fà nínú wọn ò tilẹ̀ dé 38.

Ìwé ọmọbìnrin kan ló dùn mí jù. Nínú 31 àkọ́kọ́, ó gba 26. Láti 32 lọ, òfìfo. Mo ṣí tíọ́rì rẹ̀, ó kún dẹ́mú, ó tilẹ̀ fi rúlà ya àwòrán mẹ́rin tó mọ́ dáadáa. Tíọ́rì ló kọ́kọ́ ṣe. Nígbà tí mo ń máàkì, mo kàn rí 26 lórí 50 ni, mo sì rò pé ọmọ tó kàn wà láàárín ni.

Màmá Ìjàgun

Ìyẹn gan-an ni ohun tí mo ń wá. Òfin kan wà tó ti pẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe ìdánwò: ó yẹ kí ó kéré tán mẹ́jọ nínú mẹ́wàá dé ìbéèrè tó kẹ́yìn, kí gbogbo wọn pátá sì dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Tí ẹ bá yọ àwọn tó fi àyè sílẹ̀ àti àwọn tó kùn C kúrò, mẹ́rìnlá nínú ogójì ló dé ìparí. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin 50 bọ́ sí nǹkan bíi 38, mẹ́fà ò sì dé ibẹ̀. Ìdánwò yín ti di eré sísá.

Ohun kan ṣì kù tí mo fẹ́ bi yín. Kí ni ẹ kọ sí 40 dé 50?

Tíṣà Físíìsì, Mákun Ṣágámù

Iná mànàmáná ni, mà. Òun la kọ́ kẹ́yìn nínú sáà.

Ọmọ Ìpẹru

Ẹ ò rí i báyìí! Ohun tí mo sọ nìyẹn. Ó lè jẹ́ pé wọn ò mọ iná mànàmáná ni wọ́n ṣe fi í sílẹ̀, kì í ṣe àkókò.

Màmá Ìjàgun

Ọmọ Ìpẹru, ọ̀rọ̀ gidi lo sọ yẹn, kò yẹ ká fò ó. Tíṣà, ẹ wo àwọn mẹ́rìnlá tó dé ibẹ̀. Ṣé wọ́n gbà á?

Tíṣà Físíìsì, Mákun Ṣágámù

Ọ̀pọ̀ nínú wọn gbà á, mà. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ tan ara mi, àwọn tó mọ̀wé jù ní kíláàsì ló pọ̀ nínú wọn.

Màmá Ìjàgun

Ẹ ṣeun tí ẹ sọ òtítọ́ yẹn. Nítorí náà, ìwé yìí nìkan ò lè sọ fún wa iye tó jẹ́ ti àkókò àti iye tó jẹ́ ti àìmọ̀. Nígbà mìíràn, ẹ da kókó ẹ̀kọ́ pọ̀ mọ́ra, kí iná mànàmáná wà ní òkè, kó wà láàárín, kó sì wà ní ìsàlẹ̀. Tí wọ́n bá kùnà rẹ̀ ní ìbéèrè kẹjọ, ẹ máa mọ̀ pé àìmọ̀ ni.

Ní ti bí a ṣe ń díwọ̀n àkókò: ẹ jókòó pẹ̀lú ìwé àti bírò, kí fóònù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, kí ẹ ṣe ìdánwò náà fúnra yín. Ẹ má fi ojú kà á lásán kí ẹ ní ẹ ti mọ̀ ọ́n. Ẹ ṣírò rẹ̀, ẹ kùn ún, ẹ kọ tíọ́rì ní gbólóhùn kíkún, ẹ ya àwòrán rẹ̀. Ọ̀pọ̀ tíṣà máa ń fi mẹ́ta sọ àkókò ara wọn di púpọ̀ láti mọ ti ọmọ. Mo fara mọ́ mẹ́ta yẹn fún ìṣírò. Fún ìbéèrè ìrántí, ó lè fi yín sílẹ̀, torí kíkà ló ń gba àkókò níbẹ̀, ọmọ mìíràn sì ń ka gẹ̀ẹ́sì díẹ̀díẹ̀ gan-an. Fún tíọ́rì, bí ọwọ́ ọmọ ṣe yá tó láti kọ̀wé ló ń pinnu rẹ̀, kì í ṣe bó ṣe mọ̀ ọ́n tó.

Nítorí náà, ẹ wá ọmọ mẹ́rin lẹ́yìn ilé ìwé, ẹ má mú ọ̀gá kíláàsì nìkan. Ẹ fún wọn ní ìbéèrè mẹ́wàá ti ọdún tó kọjá tó jọ tiyín, kí tuntun má baà jáde síta. Kí wọ́n na ọwọ́ sókè bí wọ́n bá ti parí ìkọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ aago sílẹ̀. Èyí tó yá jù kọ́ ni kí ẹ lò. Ẹ lo àkókò ọmọ tó mọ̀ ọ́n ṣùgbọ́n tó ń rọra ṣe é.

Igbákejì Ọ̀gá, Ìjẹ̀bú-Igbó

Mo ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀. Ẹ má bínú sí mi, màmá, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni mo gbà. Tí ẹ bá gé ìbéèrè kù, àwọn tó yá máa parí ní ìdajì àkókò. Ariwo á bẹ̀rẹ̀, wọ́n á máa ju ìdáhùn sí ara wọn. Ìkejì, WAEC ń lo 50. Ọmọ tí kò bá ti mọ́ 50 lára láti SS 2, ẹ̀rù á bà á ní SS 3.

Tíṣà Físíìsì, Mákun Ṣágámù

Ẹ káalẹ́ o. Mo ti ṣe é. Èmi fúnra mi lo ìṣẹ́jú àáyá 35 fún ìbéèrè ìṣírò kan. Àwọn ọmọ mẹ́rin náà lo láti ìṣẹ́jú kan àti àáyá 20 dé ìṣẹ́jú méjì àti àáyá márùn-ún. Èyí tó ń rọra ṣe é, tó sì ń gbà á, ìṣẹ́jú kan àti àáyá 45 ló sábà máa ń lò. Ti ìrántí, mo lo àáyá 14, òun lo 40. Tíọ́rì kan, mo kọ ọ́ ní ìṣẹ́jú mẹ́rin, òun kọ ọ́ ní méjìlá.

Mo wá ṣírò ìdánwò tó kọjá. Nínú 50 yẹn, ogún jẹ́ ìṣírò, ìyẹn ìṣẹ́jú 35. Ọgbọ̀n jẹ́ ìrántí, ìyẹn ogún ìṣẹ́jú. Tíọ́rì mẹ́ta, 36. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 91. Mo ní, ìṣẹ́jú kan péré ni mo fi kọjá 90. Kí ló wá dé tí wọ́n fi ń sunkún?

Màmá Ìjàgun

Torí pé wọn ò ní 90, ọmọ mi. Nígbà tí aago mẹ́sàn-án bá lù, kí ni ẹ ń ṣe?

Tíṣà Físíìsì, Mákun Ṣágámù

À ń pín ìwé ìbéèrè, a tún ń pín ìwé ìdáhùn. Wọ́n á kọ orúkọ, kíláàsì àti déètì. Ẹnì kan á ní ìwé òun kò ní ojú ewé kejì. Lẹ́yìn náà ni màá wá ka ìtọ́sọ́nà fún wọn. Ah. Kò lè dín ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mà.

Màmá Ìjàgun

Ẹ yọ mẹ́wàá yẹn. Ẹ yọ márùn-ún fún yíyẹ iṣẹ́ wò. Ó ku 75. Ẹ tún rántí pé tíọ́rì mẹ́rin ni wọ́n máa kà kí wọ́n tó mú mẹ́ta, ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́ta kún un fún yíyàn. Tíọ́rì wá di 39. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú 94 lẹ kó fún wọn láti ṣe ní 75. Ìṣẹ́jú 19 ló ṣẹ́ kù tí wọn ò ní. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gbogbo ìbéèrè ìrántí yín.

Ní báyìí, ẹ yọ 39 kúrò nínú 75. Ó ku 36 fún yan-ìdáhùn. Ẹ má kàn gé ìsàlẹ̀ ìwé sọnù, torí iná mànàmáná lẹ máa gé yẹn. Nínú ìwé yín, ìṣírò méjì ló wà fún ìrántí mẹ́ta. Ẹ jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ síbẹ̀. Ìṣírò méjìlá máa gba ìṣẹ́jú 21. Ìrántí méjìdínlógún máa gba 12. Ọgbọ̀n ìbéèrè nìyẹn ní ìṣẹ́jú 33, ó sì ku mẹ́ta fún ọmọ tó bá kọsẹ̀ níbì kan. Láti inú kókó kọ̀ọ̀kan lẹ ti máa mú ìkan tàbí méjì kúrò.

Ẹ tún kọ ọ́ sórí ìwé pé kí wọ́n fi ìṣẹ́jú 36 ṣe yan-ìdáhùn, kí wọ́n fi 39 ṣe tíọ́rì. Ọmọbìnrin tó ya àwòrán mẹ́rin yẹn, kò sẹ́ni tó sọ fún un iye tí wọ́n ń retí kó lò níbẹ̀.

Igbákejì Ọ̀gá, Ìjẹ̀bú-Igbó

Ọgbọ̀n kéré jù, màmá. Bí ìbéèrè bá ti kéré, orí ire á pọ̀ nínú máàkì. Ọmọ tó bá ṣèèṣì mú mẹ́ta lórí ọgbọ̀n ti jèrè ju èyí tó ṣèèṣì mú mẹ́ta lórí 50 lọ.

Màmá Ìjàgun

Òótọ́ ni, mi ò lè jiyàn rẹ̀. Ìdánwò kúkúrú ń mì ju èyí tó gùn lọ. Ṣùgbọ́n ogún ìbéèrè tí èèyàn ò dé ibẹ̀ kì í fi kún ohun tí a mọ̀ nípa rẹ̀. Ọmọ mẹ́sàn-án tó kùn C yẹn ńkọ́? Ṣé orí ire kọ́ ni ìyẹn náà? Bí ẹ bá fẹ́ 50 dandan, ẹ ṣe bíi ti WAEC: kí yan-ìdáhùn ní ọjọ́ tirẹ̀, kí tíọ́rì ní tirẹ̀. Tàbí kí ẹ pín in, ọgbọ̀n ní ìparí sáà, ogún ní àárín sáà, kí ẹ ro wọ́n pọ̀.

Ní ti ariwo, òótọ́ ni pé àwọn tó yá máa tètè parí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ìwé sílẹ̀, kí wọ́n jáde bí gbọ̀ngàn bá gbà á. Mi ò mọ ọ̀nà mìíràn tí ẹni tó yá àti ẹni tó lọ́ra á fi parí ní ìṣẹ́jú kan náà.

Igbákejì Ọ̀gá, Ìjẹ̀bú-Igbó

Ọjọ́ méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ dùn mọ́ mi. Ibi tó ti le ni tábìlì ìdánwò. Sọ́bẹ́jẹ́ẹ̀tì mẹ́tàdínlógún la ní, ọ̀sẹ̀ méjì péré ni wọ́n sì fún wa. Ti ọgbọ̀n yẹn, mi ò tíì gbà á o.

Ọmọ Ìpẹru

Màmá, mo ti ń ṣírò tèmi látàárọ̀. Kẹ́mísìrì SS 1 ni. Mo rò pé 40 ìbéèrè ní ìṣẹ́jú 40 dára. Ṣùgbọ́n mẹ́rìndínlógún nínú rẹ̀ jẹ́ dídọ́gba ìdọ́gba ìpàdé kẹ́míkà. Mo gbìyànjú ọ̀kan pẹ̀lú àbúrò mi tó wà ní SS 1. Ìṣẹ́jú méjì àbọ̀. Mẹ́rìndínlógún yẹn nìkan ti jẹ gbogbo ogójì náà tán.

Bàbá Dámọ́lá, Ìjẹ̀bú-Òde

Ó ti wá yé mi báyìí pé ẹ̀gbẹ́ kejì ni mo ti dá sí i. Ṣùgbọ́n ó ràn mí lọ́wọ́. Mo ní kí Dámọ́lá ka iye ìṣírò tó wà nínú físíìsì kó tó bẹ̀rẹ̀, kó kọ́kọ́ ṣe ìrántí.

Tíṣà Físíìsì, Mákun Ṣágámù

Mo mú ọgbọ̀n yẹn lọ bá olórí ẹ̀ka wa. Ó ní kò ṣeé ṣe, 50 ni gbogbo sọ́bẹ́jẹ́ẹ̀tì ń kọ. Mo gbé àkọsílẹ̀ àkókò àwọn ọmọ mẹ́rin náà ka iwájú rẹ̀, mo sì fi ìwé ọmọbìnrin yẹn hàn án, òfìfo láti 32 lọ. Ó wò ó pẹ́. Ó ní kí n mú un wá sí ìpàdé àwọn tíṣà lọ́jọ́rú. Ohun tí mo ṣì ń rò báyìí ni máàkì sáà tó kọjá: ṣé kí n ka 38 àkọ́kọ́ nìkan fún gbogbo wọn ni, tàbí kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀?

Màmá Ìjàgun

Tí ẹ bá gé e sí 38, àwọn mẹ́rìnlá tó sáré dé ìparí, tí wọ́n sì gbà á, máa pàdánù ohun tí wọ́n ṣiṣẹ́ fún. Tí ẹ bá fi í sílẹ̀, ọmọbìnrin yẹn ló máa pàdánù. Èmi ò ní gé e. Màá tún yan-ìdáhùn nìkan ṣe fún wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà, ọgbọ̀n ìbéèrè, ìṣẹ́jú 40, kí n wo ibi tí ọmọbìnrin yẹn máa dé.

Igbákejì Ọ̀gá, Ìjẹ̀bú-Igbó

Àwọn òbí tó ti gba káàdì ńkọ́?

Tíṣà Físíìsì, Mákun Ṣágámù

Ìyẹn náà wà nínú ohun tí mo máa gbé lọ sípàdé lọ́jọ́rú, sà. Màá padà wá sọ ibi tó já sí.